Iná Nìkan Ni, àbí Fáìlì Pẹ̀lú?

Bí a bá ti fi okùn USB so fóònù Áńdíróìdì mọ́ kọ̀ǹpútà, fóònù náà máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni. Lórí àwọn fóònù kan, ìbéèrè náà á yọ sójú gbangba: "Charging only" lókè, "File transfer" nísàlẹ̀. Lórí òmíràn, ńṣe ló máa sá pamọ́ sókè níbi tí àwọn ìfitónilétí ń gbé, àfi kéèyàn fi ìka fà wọ́n wálẹ̀ kó tó rí i. Ohun tí yóò bá níbẹ̀ ni "Charging this device via USB". Bó bá tẹ̀ ẹ́, àwọn ohun tó lè yàn á tò sílẹ̀. Ti Sámúsọ́ǹgì ṣe ṣókí. "Allow access to phone data?" ló máa ń béèrè, ó sì fi "Allow" àti "Deny" sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: ẹ̀rọ tó wà ní ìdí kejì okùn yìí, ṣé iná nìkan ni kó máa fún mi, àbí kí n ṣí ẹrù inú mi hàn án pẹ̀lú?

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ìbéèrè yìí. Ibi tí ìka wọn bá kọ́kọ́ bà ni wọ́n ń tẹ̀, pàápàá bí èrò bá pọ̀ lẹ́yìn wọn ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, tí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà sì ti ń sọ pé, "Ẹ tẹ Allow, mà, ẹ tẹ Allow." Ohun tí ìtẹ̀ ẹyọ kan yẹn ń ṣí sílẹ̀ pọ̀ gan-an ju ohun tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní lọ́kàn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Inú okùn náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá la okùn USB àtijọ́ yóò bá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin nínú rẹ̀. Pupa àti dúdú ló ń gbé iná: iná fóòtì 5 ń gba inú pupa lọ sí ọ̀dọ̀ fóònù, ó sì ń gba inú dúdú padà. Funfun àti aláwọ̀ ewé ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá láàárín fóònù àti kọ̀ǹpútà. Okùn Type-C lè ní ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ìpín méjì yìí náà ló wà nínú tirẹ̀. Nígbà tí iná àti ọ̀rọ̀ kò ti gba ojú wáyà kan náà, fóònù lè gba iná kó sì panu mọ́. Ohun tí "Charging only" ń ṣe nìyẹn. Iná ń wọlé, kọ̀ǹpútà sì lè mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ti dé, ṣùgbọ́n kò sí fódà tí yóò rí, kò sí fáìlì tó lè gbé, kò sì sí èyí tó lè fi sílẹ̀.

Àwọn kan gbà pé fóònù máa ń tètè kún tí wọ́n bá yan "Charging only", wọ́n sì gbà pé "File transfer" ń fà á sẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojúhò tí a ki okùn bọ̀ ló ń pinnu bí iná ṣe máa pọ̀ tó. Ojúhò USB 2.0 tó wà lára kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ fún fóònù ju mílíáńpù 500 lọ, ìyẹn ìdajì áńpù. Ìdajì áńpù lórí fóòtì 5 jẹ́ wáàtì 2.5 péré. Bátìrì fóònù tí wọ́n kọ 5000 mAh sí lára, tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa báyìí, ń gba iná tó lè gbé ohun tó ń jẹ wáàtì 19 fún odidi wákàtí kan. Pín 19 sí ọ̀nà 2.5, wàá rí i pé ó lé ní wákàtí méje kí bátìrì tó ti gbẹ tó lè kún, láìtíì ka èyí tó ń ṣòfò sínú ooru àti èyí tí fóònù fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ṣájà ara ògiri tó jẹ́ wáàtì 18 yóò ṣe iṣẹ́ kan náà láàárín wákàtí méjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé iná nìkan ni a fẹ́, ara ògiri ni ká lọ. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ṣájà gidi, àfi bí kò bá sí ibòmíràn tí iná wà.

Ọ̀rọ̀ wá kan "File transfer". Kí ọdún 2011 tó dé, ọ̀nà tí fóònù Áńdíróìdì ń gbà fi ẹrù rẹ̀ han kọ̀ǹpútà yàtọ̀. A ó tẹ "Turn on USB storage", fóònù á sì jọ̀wọ́ káàdì rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà pátápátá, bí ẹni pé fíláàṣì ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbà á, fóònù fúnra rẹ̀ kò ní lè lò ó mọ́. Àwòrán inú rẹ̀ á pòórá, orin á dákẹ́, áàpù tí a fi sórí káàdì á kú. Bí ẹnì kan bá sì fa okùn yọ láìsọ fún kọ̀ǹpútà, káàdì lè bàjẹ́. Áńdíróìdì 3.0, tó jáde lọ́dún 2011, ló gbé ètò tí a ń lò lónìí dé, èyí tí wọ́n ń pè ní MTP. Nínú ètò yìí, fóònù kì í jọ̀wọ́ ibi ìpamọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà ló ń béèrè pé, "Àwọn fáìlì wo lo ní?" Fóònù á ka orúkọ wọn fún un. Kọ̀ǹpútà á tún sọ pé, "Fún mi ní èyí." Fóònù á gbé e fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyàtọ̀ yìí ló fà á tí fóònù kì í fi ní lẹ́tà bíi E: tàbí F: lórí Wíńdóòsì bí fíláàṣì ṣe máa ń ní. Ó tún dín ewu kan kù. Àwọn fáírọ́ọ̀sì bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó máa ń sọ gbogbo fódà inú fíláàṣì di shortcut, lẹ́tà yẹn ni wọ́n fi ń wá ibi tí wọ́n máa sá sí, wọn kì í sì rí fóònù tó wà lórí MTP. Ìyẹn ò sọ pé kò séwu. Ohun tó yí padà ni pé ewu náà ti kúrò lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, ó wá kù sọ́wọ́ ènìyàn tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, nítorí pé gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá béèrè nígbà tí "File transfer" wà ní títàn ni fóònù ń kó fún un, kì í sì padà wá bi olówó rẹ̀ léèrè mọ́. Títí di ọdún 2015, bí a bá ti ki okùn bọ̀ ọ́ ni MTP ti ń tàn fúnra rẹ̀. Áńdíróìdì 6.0 tó jáde lọ́dún náà ló sọ ọ́ di pé iná nìkan ni fóònù ń gbà, àfi bí olówó rẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun mìíràn. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ nìyẹn, ìtẹ̀ ìka ẹyọ kan ló sì ń ká a kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wá wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan fẹ́ tẹ ìwé ìgbàwọlé rẹ̀ jáde ní ọ̀kan nínú àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Àgbowó, lódìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Fáìlì kan péré ni, `admission.pdf`, inú fódà Download ló sì wà. Ó kí ọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìwé kan ni mo fẹ́ tẹ̀." Ọkùnrin náà na okùn sí i. Ọmọbìnrin náà ki okùn bọ fóònù, ó ṣí i, ó tẹ "File transfer", ó sì gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì.

Orúkọ fóònù rẹ̀ yọ lábẹ́ "This PC". Nígbà tí ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó rí "Internal shared storage", ó sì wọnú rẹ̀ lọ. Ohun tó wá wà níwájú rẹ̀ nìyí: fódà DCIM, tí gbogbo àwòrán tí ọmọbìnrin náà ti fi fóònù yà wà nínú rẹ̀, fódà Pictures, tó ṣeé ṣe kí Screenshots wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì owó tó fi ránṣẹ́, fódà Download fúnra rẹ̀, níbi tí ìwé NIN àti ìwé ìṣírò owó láti báǹkì ti wà pẹ̀lú `admission.pdf`. Bó bá wọ Android, kó wọ media, kó wọ com.whatsapp, kó wọ WhatsApp, yóò bá fódà Media, nínú èyí tí àwòrán Wasáàpù wà, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i wà, ohùn tí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ gbà sílẹ̀ fún ara wọn náà sì wà. Bí ẹni wá gba ẹyọ ṣíbí kan lọ́wọ́ ẹni ni, tí a wá fún un ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé.

Èmi ò fẹ́ ká bẹ̀rù ju bó ti yẹ lọ. Ohun púpọ̀ wà tí MTP kì í fi hàn. Ọ̀rọ̀ tí a kọ síra wa lórí Wasáàpù wà nínú fáìlì tí wọ́n ti tì pa, ẹni tó bá dà á kọ kò ní rí nǹkan kà níbẹ̀. Áàpù báǹkì, ọ̀rọ̀ aṣínà, àti àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kò sí nínú àwọn fódà wọ̀nyẹn rárá, nítorí pé ibi ìpamọ́ tí fóònù yà sọ́tọ̀ fún áàpù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wà, kọ̀ǹpútà kò sì lè gba ojú MTP débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àwòrán NIN ẹni, ojú ẹni, àti rìsíìtì tí nọ́ńbà àkáǹtì wà lórí rẹ̀, kò nílò áàpù báǹkì kó tó lè fi ṣe ibi.

Ohun kejì tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ọkùnrin náà kò da fáìlì náà kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kàn tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, ó sì fi ṣọwọ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọmọbìnrin náà ń wò ó, ó rò pé kò sí nǹkan tó kù lórí kọ̀ǹpútà. Nǹkan kù. Wíńdóòsì kò lè ṣí fáìlì láti orí MTP níbi tó wà, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni fóònù ń gbé fáìlì fúnni, odindi. Ó ní láti kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sínú fódà kan tó ń fi pamọ́, kó tó ṣí ẹ̀dà yẹn. Bó o bá wà nídìí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tẹ kọ́kọ́rọ́ Wíńdóòsì àti R pa pọ̀, kí o sì kọ èyí:

```
%TEMP%\WPDNSE
```

Wàá bá fódà kan tàbí méjì tí orúkọ wọn gùn, tó kún fún lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ṣí wọn. `admission.pdf` wà níbẹ̀, òun àti ohunkóhun mìíràn tí wọ́n bá ti ṣí láti orí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kọ̀ǹpútà lè kó wọn dànù nígbà tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún tàn án, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí jẹnẹrétọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ kì í sábà kú láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Pa ẹ̀dà tìrẹ rẹ́ kó o tó dìde.

Ohun yìí náà ló ń fa ẹ̀dùn fún àwọn tó máa ń ṣí ìwé Word láti orí fóònù lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí i, tí wọ́n tẹ "Save", tí wọ́n sì délé tí wọn kò rí àtúnṣe kankan. Ẹ̀dà inú WPDNSE ni wọ́n tún ṣe. Ti orí fóònù wà bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ tún ìwé ṣe gbọ́dọ̀ da á kọ sórí kọ̀ǹpútà ná, kó tún un ṣe níbẹ̀, kó sì dá a padà sórí fóònù tó bá parí.

Kí ni ọmọbìnrin Àgbowó yẹn ì bá ti ṣe? Fáìlì kan ló fẹ́ kí ọkùnrin náà rí, fáìlì kan náà ló yẹ kó jáde lórí fóònù rẹ̀. Àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà púpọ̀ ti lẹ ímeèlì wọn mọ́ ara ògiri. Kó fi `admission.pdf` ránṣẹ́ síbẹ̀, ó parí. Bí dátà kò bá sí, fíláàṣì kékeré tó ní ojú Type-C lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti ojú USB lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì yóò ṣe é. Á ki í bọ fóònù rẹ̀, á da fáìlì kan yẹn sínú rẹ̀, á sì fún ọkùnrin náà ní fíláàṣì. Fíláàṣì lè gbé fáírọ́ọ̀sì bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, òótọ́ ni, nítorí náà kó má fi nǹkan mìíràn sínú rẹ̀, kó sì nu gbogbo rẹ̀ nù tó bá délé. Lọ́nà méjèèjì yìí, ẹ̀dà ìwé ìgbàwọlé lè kù sí ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n NIN rẹ̀ àti ohùn ìyá rẹ̀ kò bá a lọ.

Bó bá jẹ́ pé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló fẹ́ tẹ̀, ọ̀nà kan tún wà nínú àwọn ohun tí fóònù tò sílẹ̀, tí àwọn èèyàn sábà máa ń fò kọjá: "PTP", tàbí "Transfer photos". Ohun tí fóònù ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń ṣe bíi kámẹ́rà. DCIM àti Pictures nìkan ló ń fi hàn. Download kò sí níbẹ̀, fódà Wasáàpù kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣí nǹkan kan, torí pé gbogbo fọ́tò ẹni ló ṣì máa rí. Síbẹ̀, ó dín ohun tó ń hàn kù lọ́pọ̀lọpọ̀.

Nínú ilé ẹni, lórí kọ̀ǹpútà ara ẹni, ọ̀rọ̀ yí padà. Ibẹ̀ ni "File transfer" ti wúlò jù lọ. Mo sì ń gba gbogbo ẹni tí fóònù rẹ̀ ti kún níyànjú pé kó má bẹ̀rù rẹ̀. Ká ní ó ní àwòrán àti fídíò gígábáìtì 12 nínú DCIM tó fẹ́ kó kúrò. Kó kọ́kọ́ ṣí fóònù rẹ̀, nítorí pé fóònù tó wà ní títì pa kì í fi nǹkan hàn bí a tilẹ̀ yan "File transfer". Lẹ́yìn náà ni kó ki okùn bọ̀ ọ́, kó yan ohun tó fẹ́, kó sì lọ sí DCIM lórí kọ̀ǹpútà. Lórí okùn USB 2.0, ohun tí fóònù ń gbé kọjá máa ń tó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí fáìlì bá tóbi. Gígábáìtì 12 á wá gbà tó ìṣẹ́jú méje. Bó bá jẹ́ pé àwòrán kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, ó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ń béèrè wọn, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì ń gba àsìkò.

Níbí yìí, ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni "Cut". Àwọn èèyàn fẹ́ kí àyè yọ lórí fóònù kíá, wọ́n á "Cut", wọ́n á lọ "Paste", okùn á sì mì láàárín. Okùn tí a ti lò pẹ́ máa ń mì lẹ́nu, ó lè já kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ìyẹn ti tó. Fáìlì tó wà lọ́nà nígbà yẹn lè di ìlàjì lórí kọ̀ǹpútà, kí ó má sì sí lórí fóònù mọ́. "Copy" ni kó lò. Bó bá parí, kó tẹ fódà náà ní ọwọ́ ọ̀tún lórí kọ̀ǹpútà, kó lọ sí "Properties", kó wo iye fáìlì tó wà níbẹ̀. Kó wo iye ti orí fóònù pẹ̀lú. Bí iye fáìlì bá dọ́gba, kó ṣí fídíò tó tóbi jù kó sì wò ó títí dé ìparí, torí pé fídíò tó gé ní ìdajì lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kó jẹ́ ìparí rẹ̀ ni yóò tú àṣírí. Ìgbà yẹn ni kó tó pa ti orí fóònù rẹ́.

Nígbà míì, kò sí ohun tí yóò yọ rárá. Ẹni náà á ki okùn bọ fóònù, àmì iná á yọ, ṣùgbọ́n kò ní rí ìbéèrè kankan, kọ̀ǹpútà kò sì ní dún. Kó wo okùn rẹ̀ ná. Àwọn okùn tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ àti lójú títì ní owó pọ́ọ́kú, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ okùn iná nìkan. Wáyà ọ̀rọ̀ kò sí nínú wọn. Kó fi okùn kan náà so fóònù mìíràn mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí fóònù kejì náà kò bá béèrè nǹkan kan, okùn ni. Bó bá sì jẹ́ pé orúkọ fóònù yọ lórí kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n fódà rẹ̀ ṣófo, okùn rẹ̀ dára, ó kàn jẹ́ pé fóònù ṣì wà lórí "Charging only" ni, tàbí pé ó wà ní títì pa.

Okùn iná nìkan yẹn, tó ń dun ẹni tó fẹ́ gbé fáìlì, ni ohun tó dára jù lọ tí èèyàn lè mú dání lọ síbi tí kò mọ̀. "Charging only" lórí ojú fóònù kò pa wáyà ọ̀rọ̀ rẹ́. Wáyà ṣì wà níbẹ̀, fóònù ló kàn pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀. Ohun tí ó bá jẹ́ ìpinnu fóònù, ẹnì kan lè wá ọ̀nà àtiyí i padà. Lọ́dún 2011, níbi àpérò DEF CON ní Amẹ́ríkà, àwọn kan gbé àpótí ṣájà ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún àwọn tó wá. Ẹni tó bá ki fóònù bọ̀ ọ́, ìkìlọ̀ á yọ lójú àpótí náà pé kò yẹ kó fọkàn tán irú ojúhò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí láti Georgia Tech fi ṣájà tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe gbé áàpù wọnú ayífóònù, ọdún yẹn náà sì ni Ápù fi ìbéèrè "Trust This Computer?" sórí ayífóònù. Lọ́dún 2023, ọ́fíìsì FBI tó wà ní Denver kìlọ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n yẹra fún ojúhò ṣájà ọ̀fẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú àti òtẹ́ẹ̀lì. FCC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè kan náà, sọ pé àwọn kò tíì gbọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kankan tó dájú pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló yẹ ká gbọ́ pa pọ̀.

Lọ́dún 2025 ni ohun tó ṣe pàtàkì jù sí ọ̀rọ̀ wa yìí jáde, láti ọwọ́ àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Graz ní Ọ́síríà. Wọ́n ṣe ṣájà kan tó máa ń ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé a lè fi kíbọ́ọ̀dù sára fóònù, fóònù kì í sì bi ẹni léèrè kó tó gbà á. Lẹ́yìn náà, ṣájà kan náà á tún pe ara rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, ìbéèrè á yọ lójú fóònù, òun fúnra rẹ̀ á sì fi kíbọ́ọ̀dù tó ṣe bí ẹni pé òun jẹ́ tẹ "File transfer". Olówó fóònù kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti ọdún 2015 gbára lé pé ènìyàn ló ń dáhùn ìbéèrè náà, ohun tí àwọn olùwádìí yìí fi hàn sì ni pé kò di dandan kó jẹ́ ènìyàn. Wọ́n ti fi tó àwọn iléeṣẹ́ létí kí wọ́n tó sọ ọ́ jáde. Ápù ṣe àtúnṣe nínú iOS 18.4, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ni fóònù gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kí ó tó lè gbà. Gúgù náà ṣe tirẹ̀ nínú Áńdíróìdì 15. Fóònù tí kò tíì gba àtúnṣe náà kò ní ààbò yìí, ó sì ṣeé ṣe kí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí wà lára wọn. Kó lọ sí "Settings", kó lọ sí "About phone", kó wo "Android version" níbẹ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, tó sì máa ń gba iná níbi tí kò mọ̀, ohun tó lè ṣe ni pé kó mú ṣájà ara rẹ̀ dání, kó ki orí rẹ̀ bọ ara ògiri dípò kó ki okùn bọ ojúhò USB tí ẹlòmíràn gbé kalẹ̀. Iná ògiri kò ní wáyà ọ̀rọ̀. Bí ojúhò ìlú bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó wà, okùn iná nìkan ni kó lò, tàbí kó fi ojúhò náà kún páwà báńkì rẹ̀ ná, kó wá fi páwà báńkì kún fóònù.

Ibi kan tún wà nínú fóònù tí a lè ti dí ọ̀nà náà. Nínú "About phone" yẹn kan náà, bí a bá tẹ "Build number" lẹ́ẹ̀méje, fóònù á ṣí ojú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní "Developer options". "Default USB configuration" wà nínú rẹ̀, "No data transfer" ló sì yẹ kó wà níwájú rẹ̀. Àwọn kan ti yí i sí "File transfer" torí kí ìbéèrè má baà máa yọ wọ́n lẹ́nu, fóònù wọn sì ń ṣí ara rẹ̀ fún gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ti so ó mọ́ láìbéèrè. Wo "USB debugging" tó wà lórí ojú ìwé kan náà, kó wà ní pípa. Èyí lágbára ju "File transfer" lọ fíìfíì, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè gba ojú rẹ̀ fi áàpù sórí fóònù. Bí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù bá ní kó o tẹ ohun tó ń jẹ́ "Allow USB debugging?" kó tó lè tẹ ìwé jáde, fa okùn rẹ yọ, kí o sì máa lọ, nítorí pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kankan kò nílò rẹ̀.